Iná Tó Wà Lábẹ́ Irun

Àga méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀kan wà nítòsí ilẹ̀kùn, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó ń jókòó sí ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà á gbé aṣọ ìnura kan lé e, á sì yí i kẹ̀yìn sí dígí.

Má-Kánjú ni wọ́n ń pè é. Onídìrí ni, ṣùgbọ́n irun dídì kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Dáì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń pa irun láró nínú yàrá kan náà, nídìí báṣíà kan náà. Ẹnu rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Àwọn obìnrin á gbé àwòrán wá, wọ́n á ní, "Irú èyí ni mo fẹ́." Á ní, "Má kánjú. Jẹ́ n wo tìrẹ ná." Á fà wọ́n lọ sídìí fèrèsé, á ya irun wọn sí méjì, á wò ó fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Ohun tó ń wò kò le láti ṣàlàyé. Irun ní ìpele mẹ́wàá. Ìpele kìíní dúdú bí èédú. Ìkẹwàá mọ́lẹ̀ bí inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìpele tí orí kan wà, ó ti mọ ìdajì iṣẹ́. Ìdajì kejì wà lábẹ́. Irun dúdú kì í ṣe dúdú nìkan. Bí àtíkè bílíìṣì bá ń jẹ dúdú náà lọ, pupa ló máa kọ́kọ́ yọ, bíi bíríkì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọ̀ ọsàn pípọ́n, lẹ́yìn náà ni ti wúrà, lẹ́yìn náà ni ti pupa ẹyin. Bí dáì bá dé, kò ní lé ohun tó bá níbẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ ló máa jókòó sí. Àwọn méjèèjì ni ojú máa rí pọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló rí àpèjúwe rẹ̀. Télọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ní, "Bíi kí n gbé aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ pupa lé aṣọ dúdú ni. Ta ló máa rí pupa?"

Má-Kánjú ní, "Ó yé ẹ."

"Ó ti pẹ́ tó ti yé mi. Ìwàásù lo ń tà níbí, ẹ̀bùn lo fi dáì ṣe."

"Ìwọ tó máa wọn sòkòtò lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó tún máa fún oníbàárà nídìí, ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, Télọ̀ ló ń sọ tirẹ̀. Má-Kánjú kì í fèsì mọ́.

Nínú àpótí onípákó kan ni ó ń kó káàdì àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Orí kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Èyí tó gbó jù níbẹ̀ ni ti Tíṣà. Tíṣà jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó fi ọdún mẹ́fà ju Má-Kánjú lọ. Ọdún méjìlélógún ló fi ń wá sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà. Oníbàárà ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó di ọ̀rẹ́.

Ohun tó wà lórí káàdì náà kò yí padà rí. Ìpele kejì. Dáì bàbà, nọ́ńbà kẹfà. Omi àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń po dáì, ti ọgbọ̀n. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á ní dáì bàbà á sọ orí di pupa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí Tíṣà dúdú kirikiri. Omi ọgbọ̀n yẹn á gbé dúdú náà sókè díẹ̀, pupa abẹ́ á yọjú díẹ̀, dúdú tó ṣẹ́kù á sì gbé ọ̀pọ̀ nínú bàbà náà mì. Ohun tó máa kù ni búráùn tó jinlẹ̀. Bí Tíṣà bá dúró nínú ilé, wọ́n á rò pé irun rẹ̀ lásán ni. Bó bá jáde sínú oòrùn, ó máa ń tàn díẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ń ní orí Tíṣà ti jí.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Ìwòsàn tí wọ́n ń fún un fa gbogbo irun rẹ̀ tu. Ọdún kan ni kò fi wá. Nígbà tó máa fi wọlé ní ọjọ́ Ajé kan, ó ti rù, ó dé gèlè kékeré. Ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó tú gèlè náà. Irun ti hù padà. Ó fi bí ìka méjì gùn. Funfun ni, ó rọ̀ bí òwú.

Ó ní, "Má-Kánjú, dá mi padà."

"Sí ibo, Tíṣà?"

"Sí bí o ṣe mọ̀ mí. Ọmọ mi ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọdún mẹ́sàn-án la ti ríra gbẹ̀yìn. Mi ò fẹ́ kó wọlé kó máa béèrè pé ta ni ìyá arúgbó yìí."

Inú Má-Kánjú dùn. Ó fa káàdì jáde, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó po dáì. Kò fà á lọ sídìí ìmọ́lẹ̀. Kò dán an wò lórí ìdì irun kan ṣoṣo ná, ohun tó máa ń fi agídí ṣe fún ọmọge tó bá ń kánjú lọ síbi ìgbéyàwó. Kí ló fẹ́ dán wò? Orí tó ti mọ̀ fún ọdún méjìlélógún ni.

Ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Nígbà tó fọ̀ ọ́, omi náà ń ṣàn lọ nínú báṣíà bí omi osùn. Ó gbé orí náà sókè, ó fi aṣọ nù ún. Iná ni.

Funfun kò ní nǹkan kan lábẹ́. Kò sí dúdú tó máa gbé bàbà náà mì. Ohun tó wà nínú dáì nìkan ni ojú rí, gbogbo rẹ̀, láìdín. Ìmọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́: orí funfun, fi búráùn lásán lú u ná. Ó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò rántí sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Tíṣà wo dígí. Ó wá bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Ẹ̀rù ò ní bà mí mọ́ tí iná mànàmáná bá lọ."

"Tíṣà, ẹ dárí jì mí. Èmi ni. Ẹ̀bi mi ni."

"Bò ó mọ́lẹ̀ fún mi."

Má-Kánjú ya irun náà wò. Awọ orí ti pọ́n, ó gbóná sí ìka. "Mi ò lè fi òmíràn lé e lónìí. Awọ orí yín máa bó. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ní Ọjọ́bọ̀, màá fi búráùn nọ́ńbà kẹrin bò ó. Ó máa wọlé dáadáa."

"Ọjọ́bọ̀ náà ni." Tíṣà so gèlè rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Má kánjú o."

Má-Kánjú mú lẹ́ẹ̀dì, ó kọ "Ọjọ́bọ̀" sórí káàdì, ó fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó po búráùn náà ní agogo mẹ́wàá, nítorí Tíṣà kì í pẹ́. Agogo mọ́kànlá lù. Dáì tí wọ́n bá ti pò tí kò dé orí, inú abọ́ ló máa dúdú sí. Ó jókòó, ó ń wò ó bó ṣe ń dúdú tó ń le. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n ti gbé Tíṣà lọ sílé ìwòsàn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Télọ̀ ló mú ìròyìn wá ní ọjọ́ kejì. Ó ní Tíṣà kú ní àná, kó tó di ọ̀sán.

Láti ìgbà náà ni àwọ̀ yẹn kò ti fi í sílẹ̀. Á máa fọ orí ẹlòmíràn, á rí omi osùn tó ń ṣàn. Á gbé orí náà sókè kíákíá, omi á mọ́ lóló. Á máa gbálẹ̀, á rí iná létí dígí. Bó bá yíjú, kò sí nǹkan. Nígbà kan, ó fara balẹ̀ wá a, ó rí i pé okùn òwú pupa Télọ̀ ló rọ̀ sí fèrèsé. Ó fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, Télọ̀ ti ká òwú rẹ̀ kúrò, iná náà sì wà níbẹ̀. Àbàwọ́n kan wà létí báṣíà tí ọṣẹ kankan kò fọ̀ kúrò. Ó ń gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn àga. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kó gbogbo dáì bàbà kúrò lórí pẹpẹ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́. Ó fẹ́ ṣe Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń tún irun tó ti wọ inú ilẹ̀ ṣe?

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ní agogo mẹ́wàá, obìnrin kan ti ilẹ̀kùn wọlé. Kò tíì ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó gbé aṣọ ìnura kúrò lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó yí i sójú dígí, ó jókòó. Má-Kánjú gbójú sókè. Ojú Tíṣà ni, tí ẹnìkan bu ọgbọ̀n ọdún kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Èmi ni ọmọ Tíṣà."

"Mo ti rí i. Káàbọ̀, ọmọ mi. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá."

"Ẹ ṣé. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣe irun Màmá mi kẹ́yìn." Ó mú àpò ìwé kan jáde nínú báàgì, ó tú u sórí itan. Ìdì irun kékeré ni, wọ́n fi òwú so ó. "Àwọ̀ yìí ni mo fẹ́."

Má-Kánjú di ẹ̀yìn àga mú. Oṣù mẹ́jọ kò pa iná náà.

Ọmọ Tíṣà ń sọ̀rọ̀ lọ. "Ọjọ́rú ni mo dé. Wọ́ọ̀dù yẹn kún, ibùsùn méjìlá. Ojú Màmá ti yí padà, mo ti kọjá wọn lẹ́ẹ̀kan láìmọ̀. Nọ́ọ̀sì ló ní, 'Màmá yín lonírun iná yẹn.' Inú mi dùn, Àǹtí. Láti kékeré mi, búráùn, búráùn, búráùn. Mo ní, Màmá mi ti ṣe ohun tó wù wọ́n lẹ́ẹ̀kan láyé wọn."

Má-Kánjú fa ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọ̀. Ó ní, "Má kánjú. Jẹ́ n wo tìrẹ ná."

Ó ya irun náà. Ìpele kejì. Dúdú kirikiri, kan náà. "Ṣé o ti fi dáì dúdú sí i rí?"

"Rárá, mà."

"Kẹ́míkà tó ń na irun ńkọ́?"

"Ó ti tó ọdún méje."

"Dáì nìkan kò lè ṣe é. Bí mo bá fi bàbà lé èyí lórí, búráùn ni wàá gbé délé. A ní láti jẹ dúdú náà kúrò ná, ká wo ohun tó wà lábẹ́."

Ó po àtíkè bílíìṣì, ó fi sára ìdì kan lẹ́yìn etí, ó fi bébà fàdákà wé e. Ó jókòó tì í. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tú u wò. Bíríkì. Ó tún wé e. Ẹ̀rọ Télọ̀ ń dún lẹ́yìn ògiri, ó dúró, ó tún dún.

Ọmọ Tíṣà ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà ní Ọjọ́bọ̀?"

"Kí lo sọ?"

"Mo bi Màmá pé ta ló ṣe irun yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọjọ́bọ̀ ló kù.' Mo ní kí ló kù? Oorun ti gbé wọn lọ. Ọjọ́ kejì ni Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì kú." Ó ń yí òwú ìdì irun náà mọ́ ìka. "Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ ọjọ́ wọn, wọ́n ń sọ ọ́ fún mi, mi ò sì jókòó tì wọ́n. Mo lọ sùn sílé. Láti oṣù mẹ́jọ, bó bá ti di Ọjọ́rú, mi ò lè sùn mọ́."

Má-Kánjú dìde. Ó tú bébà náà, kó lè ní nǹkan tó máa fi ọwọ́ ṣe. Ó fi òwú tútù nu bílíìṣì náà kúrò, ó fi aṣọ gbẹ irun náà, nítorí irun tútù máa ń dúdú ju bó ṣe wà lọ. Ó gbé ìdì ti òkú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé méjèèjì sínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

Bákan náà ni. Ohun tó ti inú dáì jáde sórí ìyá, abẹ́ irun ọmọ ló ti jáde fúnra rẹ̀. Kò tíì fi dáì kankan sí i.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ jáde.

"Ọmọ mi, kì í ṣe ohun tó wu Màmá ẹ nìyẹn. Èmi ni mo ṣì í ṣe. Búráùn ni wọ́n ní kí n ṣe. Mo wo káàdì, mi ò wo orí. Orí ti di funfun, mo po ti dúdú fún un. Mo ní kí wọ́n padà wá ní Ọjọ́bọ̀ kí n tún un ṣe. Ohun tó wà ní Ọjọ́bọ̀ nìyẹn."

Ó lọ sídìí àpótí, ó mú káàdì náà wá, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ọmọ Tíṣà kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ojú rẹ̀ le.

"Ẹ fẹ́ sọ fún mi pé wọ́n fi Màmá mi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú wọ́ọ̀dù yẹn nítorí yín."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sì jókòó tì mí láti àárọ̀, mò ń sọ̀rọ̀ bí òmùgọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Má-Kánjú kò bẹ̀bẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́. Ọmọ Tíṣà tún wo káàdì náà, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ.

"Nígbà náà, kì í ṣe ikú ni wọ́n ń sọ?"

"Dáì ni wọ́n ń sọ."

"Dáì."

"Búráùn, nọ́ńbà kẹrin."

Ohùn kan jáde lẹ́nu ọmọ náà, ẹ̀rín àti ẹkún pọ̀. Ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Télọ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. "Ṣé kò sí o?" Má-Kánjú ju ọwọ́ sí i. Ó rí ojú ọmọ náà, ó fà sẹ́yìn, kò dá àpárá kankan.

Nígbà tó ṣe, ọmọ Tíṣà nu imú. "Ká ní wọ́n wá ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí lẹ bá ṣe?"

"Ǹ bá fi búráùn lé iná náà lórí. Iná náà á wà lábẹ́, á máa mú un gbóná. Á padà sí bí o ṣe mọ̀ wọ́n."

"Ẹ ṣe é fún mi. Ẹ ṣe é bí ẹ̀ bá ti ṣe é fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rí iná náà."

Má-Kánjú bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀ nídìí irun, nítorí ooru awọ orí máa ń jẹ́ kí ibẹ̀ yára ju ibi tó kù lọ. Ó fi bílíìṣì kun àárín àti ṣóńṣó ná, ó padà wá kun ìdí nígbà tó yá. Ó ń wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Pupa bíríkì, ọsàn. Ó dá a dúró síbẹ̀, ó fọ̀ ọ́. Àbàwọ́n báṣíà wà níwájú rẹ̀, kò gbójú kúrò.

Ó gbẹ irun náà, ó yí àga sójú dígí, ó kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà yìí, nígbà tó rí iná létí dígí tó sì yíjú, iná náà wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n jọ wò ó. Ọmọ náà fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń kan orí ẹlòmíràn. Agogo lù. Kò sẹ́ni tó kà á.

"Ó tó, Àǹtí. Ẹ bò ó."

Ó po búráùn nọ́ńbà kẹrin, ó fi omi mẹ́wàá pò ó, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ gbé sókè mọ́, nǹkan ló fẹ́ gbé kalẹ̀. Dáì náà kò le nínú abọ́ lọ́jọ́ náà. Ó bo iná náà ní ìlà ìlà, láti ìpàkọ́ wá síwájú, títí kò fi hàn mọ́. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tó gbẹ ẹ́, irun Tíṣà ni, bó ṣe wà fún ọdún méjìlélógún.

Ọmọ náà bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, sínú oòrùn. Ó tàn díẹ̀.

Má-Kánjú ní, "Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ. Búráùn yẹn kò ní pẹ́ títí. Bó o bá ṣe ń fọ orí ni yóò máa lọ. Dúdú tí mo jẹ kúrò kò sì ní padà. Bó bá di oṣù kejì, iná náà á tún yọjú."

"Ṣé ó máa ń yọjú ṣáá ni?"

"Kódà bó o bá bò ó ní ìgbà mẹ́wàá. Abẹ́ ló wà."

Ọmọ Tíṣà tún ìdì irun náà wé sínú àpò ìwé. "Nígbà tó bá yọjú, màá wá jókòó síbí kí n wò ó ná. Lẹ́yìn náà lẹ máa bò ó."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́bọ̀ náà ni."

Ó lọ. Má-Kánjú gbé aṣọ ìnura, ó dúró ti àga náà, kò gbé e lé e. Ó mú lẹ́ẹ̀dì. Níwájú ọ̀rọ̀ tó wà lórí káàdì àtijọ́ náà, ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ wúwo: búráùn, nọ́ńbà kẹrin, omi mẹ́wàá. Ó ti ṣe. Lẹ́yìn náà ló mú káàdì tuntun, ó kọ ìpele kejì sórí rẹ̀, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: wo orí ná.

Ó ń fọ báṣíà nígbà tó gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn àga. Kò yíjú.

Ó ní, "Mo gbọ́, Tíṣà. Oṣù kejì."